Èbu inú àwo wa: ṣé ó pa bakitéríà ni, àbí ó kàn dá a dúró?

Ṣadé: Èmi àti Kọ́lá la jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù. A tẹ́ bakitéríà Stafilokọ́kọ́sì sójú ágà, ìyẹn oúnjẹ dídì tí bakitéríà ń hù lórí rẹ̀ nínú àwo, àmọ́ a gbàgbé àwo náà sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tá a padà dé, èbu ti hù sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọ̀ àárín rẹ̀ dà bí ti ewé, etí rẹ̀ funfun. Bakitéríà bo gbogbo ibi tó kù, ṣùgbọ́n àyíká èbu mọ́ kedere, ó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò.

Kọ́lá ní, "Ó ti pa wọ́n!" Mo ní, "Ta ló rí òkú? Irúgbìn tí kò hù, ṣé ó ti kú nìyẹn?"

Mo fi lúùpù, wáyà kékeré tá a fi ń bu bakitéríà, kan ibi tó mọ́ náà, n kò jẹ́ kó kan èbu, mo sì fà á sójú ágà tuntun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó sùn nínú ooru ìwọ̀n 37, mo ka ìdì bakitéríà 11. Mo ní mo ti borí. Kọ́lá ò gbà.

Dàpọ̀: Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Èbu máa ń tú omi kíkan jáde, ìyẹn nìkan tó láti lé bakitéríà.

Màmá Láàbù: Dàpọ̀, ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ wọn bí ágà ibẹ̀ ṣe kan tó kẹ́ ẹ tó sọ pé òun ni. Ṣadé, 11 rẹ kò tíì dá ẹjọ́. Lúùpù lè ti họ wọ́n wá láti etí ibi tó mọ́ náà. Ká ní nǹkan kan kò sì hù, ohun tí èbu tú jáde lè ti bá lúùpù lọ sójú ágà tuntun. Iye ni kẹ́ ẹ wá: mélòó lẹ tẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, mélòó ló ṣì wà láàyè? Ẹ gé ágà ibẹ̀ bíi bọ́tìnì, ẹ gbọ̀n ọ́n nínú omi tí kò ní kòkòrò, ẹ bomi là á dáadáa, kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ kẹ́ ẹ sì kà á. Bí iye náà bá ṣì súnmọ́ ti ọjọ́ kìíní, ó kàn dá wọn dúró ni.

Rẹ̀mí: Tèmi yàtọ̀ o. Bakitéríà ti kún àwo mi kí èbu tó dé. Èbu gbilẹ̀ lórí rẹ̀, kò sí ibi tó mọ́ rárá.

Màmá Láàbù: Ó bá a mu, Rẹ̀mí. Pẹnisílìnì, oògùn tí àwọn èbu kan ń tú jáde, kì í jẹ́ kí bakitéríà tó ń dàgbà mọ ògiri ara rẹ̀ dáadáa, ìyẹn ló ń mú kó bẹ́. Èyí tó ti dàgbà tán, tó jókòó jẹ́ẹ́, pẹnisílìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á lára. Àwo tí Fleming, ẹni tó ṣàwárí pẹnisílìnì, rí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1928, Stafilokọ́kọ́sì náà ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èbu ló ń ṣe pẹnisílìnì.

Ṣadé: Ẹ ṣé, mà. A kò kọ iye ọjọ́ kìíní sílẹ̀. Kọ́lá ti tọ́jú èbu náà sínú ìgò, a ó tún un tẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ó ṣì ń sọ pé ó pa wọ́n.