Ọkọ tàbí ọkọ́ ló sọnù?

Láti Òmù-Àrán: Ẹ̀yin àgbà, ẹnìkan pe àwàdà tí ohùn nìkan dá sílẹ̀ ní "ìfohùndára". Ṣé "Ọkọ́ sọnù lóko" wọ inú rẹ̀? Àmì ṣáà ti ya ọkọ àti ọkọ́ sọ́tọ̀.

Láti Ìlọrin: Ta ló dá orúkọ yẹn? Dá àrà ni, dárà, ohùn ìsàlẹ̀ ló parí rẹ̀. Dára ni ohun tó dáa! Ẹni tí kò mọ ohùn ìparí orúkọ tó fúnra rẹ̀ dá, ṣé òun ló máa kọ́ wa lóhùn? Ní ti ìbéèrè yín, rárá. Ẹni tó bá kọ ọkọ sí àyè ọkọ, tó kọ ọkọ́ sí àyè ọkọ́, àwàdà tán síbẹ̀.

Láti Ọ̀fà: Àbúrò mi ní Ìlọrin, dárà yẹn tọ̀nà. Èyí tó kù ni kò tọ̀nà, torí ìwé lẹ ń wò. Ẹ pè é sókè. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ṣe olùwà, ohùn òkè kan máa ń hù sí ìparí rẹ̀ kí ọ̀rọ̀-ìṣe tó dé. Bó jẹ́ ọkọ ìyàwó ló sọnù, "Ọkọ́ sọnù" lẹnu yóò sọ. Ti àgbẹ̀ ti ní ohùn òkè tẹ́lẹ̀, kò yí padà. Etí kò lè yà wọ́n mọ́. Ọkọ̀ nìkan ni kò bá wọn lọ: ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró, fáwẹ́lì rẹ̀ wá gùn, "Ọkọ̀ ọ́ sọnù".

Ẹ wá fi kò sí i: "Ọkọ kò sọnù", "Ọkọ́ kò sọnù". Ohùn òkè tí mo wí kì í hù níwájú kò, àwàdà sì kú. Yóò náà ń pa á. Ṣùgbọ́n ti kì í pa á: "Ọkọ́ ti sọnù" ṣì lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Láti Àjàṣẹ́-Ìpo: Ẹ jọ̀ọ́, fóònù tèmi kò ní àmì. "Oko" ni gbogbo wọn lórí rẹ̀, títí kan oko gan-an. Ṣé ìyẹn náà ni?

Láti Ọ̀fà: Rárá, ojú nìyẹn tàn. Bí ẹ bá ti kà á sókè, oko àti ọkọ̀ pínyà lójú ẹsẹ̀. Àwàdà tí à ń sọ kì í pínyà bí ẹ tilẹ̀ kà á sókè.

Láti Ìlọrin: Àkọtọ́ kò sọ pé ká kọ ohùn òkè yẹn lé orí ọkọ. Àbí bí lọ̀ ṣe di lọ nínú "lọ irin", tí ìlú wa fi ń jẹ́ Ìlọrin, ni?

Láti Ọ̀fà: Òfin mìíràn nìyẹn. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ló ń gòkè sí àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹ fi arọ́pò-orúkọ sí i, ìsàlẹ̀ padà: "ó lọ̀ ọ́". Ti ohùn òkè olùwà, àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá, Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì pàápàá, kò fẹnu kò lórí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Láti Ìlọrin: Ìfọ̀rọ̀dárà tá a ti ní tẹ́lẹ̀ tó mi.

Láti Òmù-Àrán: Kò tó, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn gba gbogbo eré ọ̀rọ̀ mọ́ra, ti ohùn nìkan ni mo ń wá orúkọ fún.