Ẹ wá sọ ìrírí yín: aṣọ tí ẹ rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò gbà yín

Àdùkẹ́ Bódìjà: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo ra gáùn ọ́fíìsì kan lọ́wọ́ àwọn kan l'Ékòó. Kí n tó sanwó, mo fi téèpù wọn àyà mi, ó jẹ́ ínṣì 41. Nínú àtẹ sáìsì wọn, àyà XL jẹ́ 104 cm. Mo ṣírò rẹ̀, ínṣì 41 náà ni. Nígbà tí gáùn dé, sípù gùn dé ìdajì ẹ̀yìn mi, ó dúró síbẹ̀, kò lọ mọ́. Wọ́n ní aṣọ ò bàjẹ́, àwọn ò lè dá owó padà, pé kí n wá pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Ọmọ Aláàdúrà: Olè ni gbogbo wọn.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo: Tèmi lé kenkà. Àwọn ọmọ mi pé ọdún márùn-ún, mo ra aṣọ tí wọ́n kọ ọdún 5-6 sí, kò bo ìdodo wọn. Wọ́n ga bíi bàbá wọn. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó máa gba ọmọ?

Arẹwà Ìkẹjà: Àdùkẹ́, aṣọ Ṣáínà ni. Ìwọ ṣáà máa fi sáìsì méjì lé tìẹ, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù: Kì í ṣe aṣọ Ṣáínà nìkan o. Àbúrò mi obìnrin ń wọ 14 ti ìlú ọba níbí. Ó ra 14 lórí ìkànnì Amẹ́ríkà, gáùn náà gba òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pọ̀! 14 tiwa, nǹkan bíi 10 tiwọn ni. Tí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa lo ti rà á ni, tipátipá ni wọ́n á fi dá owó rẹ padà. Òfin 2013 fún wa ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ọjà bá dé ọwọ́ wa láti sọ pé a ò fẹ́ mọ́, a ò sì ní sọ ìdí kankan.

Ẹ̀gbọ́n Pẹ́káàmù: Àbúrò, rọra. Aṣọ tí wọ́n bá rán sí ìwọ̀n ara rẹ ò sí nínú òfin yẹn. Mo bá obìnrin kan níbí ṣe ìró àti bùbá aṣọ òkè, nígbà tí kò gbà mí, ó ní èmi ni mo fi ìwọ̀n ránṣẹ́. Òótọ́ ló sọ. Owó ìfiránṣẹ́ padà náà, ìwọ tó rà á lo sábà máa ń san án.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù: Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni Àdùkẹ́ wà.

Télọ̀ Agbowó: Ẹ jẹ́ ká fi òfin sílẹ̀ ná. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ padà sí àtẹ yẹn. Ṣé wọ́n kọ gígùn gáùn àti gígùn apá síbẹ̀? Ẹ tẹ́ gáùn náà pẹrẹsẹ sórí tábìlì, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti abẹ́ abíyá kan dé ìkejì, kí ẹ sọ iye tí ẹ rí fún wa.

Àdùkẹ́ Bódìjà: Wọ́n kọ ọ́, ẹ ṣeun sà. "Product measurements" ni wọ́n kọ sórí àtẹ náà. Mo wọn gáùn, ínṣì ogún àti ààbọ̀ ni.

Télọ̀ Agbowó: Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 41. Wọn ò parọ́ fún yín. Aṣọ ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ara èèyàn. Ara èèyàn kì í ní gígùn gáùn, nítorí náà níbikíbi tí ẹ bá ti rí i nínú àtẹ, ẹ mọ̀ pé aṣọ ni wọ́n ń sọ. Tó bá jẹ́ "Body measurements" ni wọ́n kọ, 41 yín ìbá bá 41 wọn mu, nítorí àwọn tó ge aṣọ ti fi àyè kún un. Èyí tí wọ́n fún yín kò ní àyè kankan. Aṣọ tí kò ń fà, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ínṣì méjì ó kéré tán ju àyà yín lọ, mẹ́ta ni mo máa ń fún obìnrin tó ń jókòó ṣiṣẹ́. Aṣọ tó ń fà yàtọ̀, ó lè kéré ju ara lọ kó sì wọlé dáadáa.

Arẹwà Ìkẹjà: Ohun tí mo sọ náà nìyẹn, sáìsì méjì!

Télọ̀ Agbowó: Ó lè bọ́ sí i, ó sì lè má bọ́ sí i. Lórí aṣọ tó ń fà, sáìsì méjì á sọ ọ́ di agbádá. Àǹtí, èló ni 2XL àti 3XL wọn?

Àdùkẹ́ Bódìjà: 108 àti 112. Gáùn búlúù kan wà nílé tó gbà mí dáadáa, mo tẹ́ òun náà, ínṣì 22 ni. Kò ń fà.

Télọ̀ Agbowó: Ẹ ti dá ara yín lóhùn. 22 lọ́nà méjì jẹ́ 44, 112 cm náà nìyẹn. 3XL ni kí ẹ gbà.

Ìyàwó Káńtà: Mo ń ta aṣọ lórí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ń tà. Àǹtí, ẹ má tíì gbé ẹrù lọ sí gáréèjì o. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n ya fọ́tò 3XL náà ránṣẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti mú un sọ́tọ̀ fún yín. Tí ẹ bá kọ́kọ́ fi tiyín ránṣẹ́, ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn á ti rà á kó tó débẹ̀, ẹ̀yin á wá máa bá wọn fa owó. Ẹ má já lébẹ̀ẹ̀lì. Tí pọ́dà tàbí òórùn lọ́fínńdà bá wà lára rẹ̀, èmi ò ní gbà á. Ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń dì í, kí ẹ sì gba nọ́ńbà awakọ̀.

Ọmọ Aláàdúrà: Ta ló máa san wébìlì?

Ìyàwó Káńtà: Tí mo bá fi sáìsì tí kò béèrè ránṣẹ́, èmi ni. Tó bá jẹ́ ohun tó béèrè ni mo fún un, òun ló máa san àlọ àti àbọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Pẹ́káàmù: Mi ò gbà. Àtẹ tí kò sọ bóyá aṣọ ni tàbí ara, ẹni tó gbé e síta ló yẹ kó san ọ̀kan.

Ìyàwó Káńtà: Wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ kẹ̀! Òun fúnra rẹ̀ kà á fún wa.

Ẹ̀gbọ́n Pẹ́káàmù: Lédè òyìnbó, ní lẹ́tà wínníwínní. Mélòó nínú àwọn oníbàárà yín ló mọ ìyàtọ̀?

Àdùkẹ́ Bódìjà: Wọ́n ti fèsì. 2XL dúdú wà, àmọ́ 3XL tó kù, àwọ̀ wáìnì ni. Dúdú ni mo fẹ́. Télọ̀, ṣé ẹ ò lè tú ẹ̀gbẹ́ 2XL fún mi?

Télọ̀ Agbowó: Ẹ yí inú XL tó wà lọ́wọ́ yín síta, kí ẹ wo ojú rírán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Aṣọ mélòó ló kù lẹ́yìn okùn?

Àdùkẹ́ Bódìjà: Kò tó ìdajì ínṣì. Wọ́n ti fi wíìfìn dè é.

Télọ̀ Agbowó: Kò sí ohun tí mo lè tú níbẹ̀. 2XL á fi ínṣì kan àti ààbọ̀ ju àyà yín lọ, sípù á gùn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá na apá síwájú lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn á máa fà yín. Ti wáìnì, tí èjìká rẹ̀ bá fẹ̀ jù, mo lè gé e wọlé.

Arẹwà Ìkẹjà: Wáìnì á yọ lára rẹ ju dúdú lọ.

Àdùkẹ́ Bódìjà: Mo ti ní kí wọ́n mú wáìnì sọ́tọ̀, mo ń retí fọ́tò. Ọ̀rọ̀ wébìlì la ṣì ń fà. Mo ní ká san án ní ìdajì-ìdajì, wọn ò tíì dáhùn.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo: Ẹ ò mà tíì dá mi lóhùn lórí àwọn ọmọ mi o.

Télọ̀ Agbowó: Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ wọn gíga wọn. Aṣọ ọdún 5-6 sábà máa ń dúró ní 116 cm. Èló ni tiwọn?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo: Táyé 121, Kẹ́hìndé 123.

Télọ̀ Agbowó: Ẹ wo ti ọdún 7-8.