Ìrírí wa: NVIDIA jókòó, Intel ló ń gbé géèmù

Ará Láàgẹ́rẹ́, Ifẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láàpútọ́ọ̀pù àbúrò mi ní káàdì àwòrán NVIDIA nínú, síbẹ̀ Minecraft Java ń wọ́ bí ìgbín. Mo wọ Settings > System > Display > Graphics, mo fi MinecraftLauncher.exe síbẹ̀, mo yan High performance. Mo tẹ F3 nínú géèmù, Intel ló ṣì wà lápá ọ̀tún. Kí ló kù?

Ará Mọ̀ọ̀rè: Ẹ wọ Device Manager, ẹ Disable Intel. Bí kò bá rí Intel mọ́, NVIDIA ni yóò lò tipátipá.

Ará Ṣábó, Ifẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Nínú ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù, ara Intel ni ojú ẹ̀rọ so mọ́. NVIDIA á ya àwòrán tán, á gbé e fún Intel, Intel á wá gbé e síta. Ẹ pa Intel, ẹ ti gé ọ̀nà yẹn. Géèmù lè má ṣí rárá. Àwọn kan wà lóòótọ́ tí èèyàn lè ti inú BIOS so ojú ẹ̀rọ mọ́ NVIDIA tààrà, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀.

Ará Láàgẹ́rẹ́, aṣílẹ̀kùn lẹ fún láṣẹ, ẹ kò fún onílé. MinecraftLauncher.exe kàn ń ṣí géèmù ni, javaw.exe ló ń gbé e. Ẹ jẹ́ kí géèmù máa lọ, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc kí Task Manager ṣí, ẹ wọ Details, ẹ wá javaw.exe. Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Open file location. Fáìlì tó bá gbé yín dé yẹn gan-an ni kí ẹ fi sínú Graphics. Kí ẹ wá pa géèmù pátápátá kí ẹ tó tún un ṣí. Javaw.exe kì í ṣe ẹyọ kan o: ẹ̀dà 1.20.5 ń lo Java 21, ti ìṣáájú sì ń lo òmíràn. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀dà, ẹ tún un ṣe.

Ará Iléṣà: Mo ṣe gbogbo ẹ̀ lórí tèmi, Intel náà ni. GPU 0, ìyẹn Intel, nìkan ni mo sì ń rí nínú Task Manager.

Ará Ṣábó, Ifẹ̀: Ẹ wo Display adapters nínú Device Manager. Bí ẹ bá rí Microsoft Basic Display Adapter lẹ́gbẹ̀ẹ́ Intel, dírábà káàdì yín ló kù. Bó bá jẹ́ Intel nìkan, ó ṣeé ṣe kí káàdì má sí nínú ẹ̀ rárá. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Graphics mọ́.

Ará Láàgẹ́rẹ́, Ifẹ̀: F3 ti kọ NVIDIA! Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n GPU 0 ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, bí iná bá sì lọ, ó tún ń wọ́.

Ará Ṣábó, Ifẹ̀: GPU 0 gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, òun ló ń gbé àwòrán síta. Ti iná, bátìrì ò lè fún káàdì lágbára tó ń rí lára ṣájà, ló ṣe ń rọra ṣe. Ẹ tẹ F3 nígbà tí iná bá lọ, NVIDIA náà lẹ máa rí.

Ará Mọ̀ọ̀rè: Lórí tèmi kọ́ o. Bí mo bá ṣí géèmù lórí bátìrì, Intel ló ń kọ, bẹ́ẹ̀ javaw.exe wà nínú Graphics.

Ará Ṣábó, Ifẹ̀: Ẹ wo áàpù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe láàpútọ́ọ̀pù yín fi sínú ẹ̀. Àwọn kan ń pa káàdì fúnra wọn bí ṣájà bá kúrò. Irú èwo ni tiyín?