Bí ọ̀rẹ́ mi bá fi òwò wa sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, mélòó ni ìpín rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ń kọ ìwé àdéhùn òwò tá a fẹ́ jọ dá sílẹ̀. Ìdajì ìdajì la fẹ́ pín in. Òun ni yóò máa tajà, èmi ni n ó máa mójú tó owó. Ìyẹn ò fa àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó bá kúrò ló ń kọ mí lóminú. Bí ẹnì kan bá lọ lẹ́yìn oṣù 6, tó sì mú ìdajì dání, ẹni tó kù á wá máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wá dábàá pé kí ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan máa di tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 4. Ẹni tó bá lọ kí ọdún 1 tó pé kò ní mú nǹkan kan. Ẹni tó bá lo oṣù 24 nínú 48 yóò mú ìdajì ìpín rẹ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin òwò náà. Ọ̀rẹ́ mi gbà, àmọ́ ó ní bó bá jẹ́ àìsàn ló lé òun kúrò ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò sì rí èsì fún un.

Ẹni tó kù ni yóò ra ìpín ẹni tó lọ. Ta ni ká ní kó díye lé e? Bó bá sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa san owó náà, òwò lè dákú. Ṣé ká pín in sí oṣù 12? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ irú ìwé yìí rí, báwo lẹ ṣe kọ ti yín?