Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kọ̀ǹpútà kò mọ ojú olùsọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti ará ọjà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí kan tó ń ṣe fídíò oúnjẹ ní Àkúrẹ́ ni mò ń bá ṣiṣẹ́. A fẹ́ mọ ohun tó ń dá òǹwòran dúró: ojú wọn ni, àkọlé ni, àbí àwòrán Ọjà Ọba tí a fi ń bo ọ̀rọ̀ wọn.

OpenCV ni mo fi ń yọ àwòrán méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, Haar sì ń wá ojú. Ibi tí kò bá ti rí ojú, ó di àwòrán ọjà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú tó kọ síwájú tààrà nìkan ló mọ̀. Bí Àǹtí bá ti tẹ̀ mọ́ odó iyán, ojú ti sọnù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà kò kúrò lójú kan. Lọ́jà, ó tún ń ka ojú aláta mọ́ tiwọn.

Àkọlé kò le ní tirẹ̀: ìwé ara pátákó máa ń sún bí kámẹ́rà bá sún, tiwa kì í kúrò níbi tó wà.

Mo fẹ́ kí PySceneDetect kọ́kọ́ pín fídíò níbi tí a ti gé e, kí YuNet wá ojú, kí SFace fi wé fọ́tò Àǹtí, kí irú àwòrán tó pọ̀ jù nínú ègé kan sọ irú ègé tó jẹ́. OpenCV ní ká fi 0.363 ṣe ààlà ìjọra. Ṣé ó tó fún ojú tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ìbéèrè kejì: ọgọ́rùn-ún ìdá ni YouTube pín ìlà ìwòran, èyí tó ń fi ibi tí òǹwòran ti ń dúró tàbí lọ hàn, sí. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdá kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, àwòrán ọjà wa kọ̀ọ̀kan kì í sì ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Bí ohun méjì bá wà nínú ìdá kan, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó mú òǹwòran dúró tàbí lọ?