Ẹ̀yin tó ń sọ Owé, Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú: báwo lẹ ṣe ń sọ pé ebi ń pa yín?

Ẹ kúuṣẹ́ o. À ń ṣe àkójọ gbólóhùn tí aláìsàn fi ń sọ bó ṣe ń ṣe é, fún àwọn nọ́ọ̀sì ìwọ̀-oòrùn Kogí. Ìrànlọ́wọ́ yín la fẹ́, láti Kàbà títí dé Ìsánlú.

Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ebi ló ń ṣe iṣẹ́, èèyàn ló ń gbà á: "Ebi ń pa mí", "Òtútù ń mú mi", "Orí ń fọ́ mi". Ti àárẹ̀ tún yàtọ̀. Nínú "Ó rẹ̀ mí", "ó" yẹn kò tọ́ka sí nǹkan kan. Ní Haúsá, "Ina jin yunwa" ni wọ́n ń sọ, èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ ebi. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé: akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó ń sọ Haúsá á ní "ọmọ tó ń pa ebi" dípò "ọmọ tí ebi ń pa". Ọmọ ti wá di apani!

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má túmọ̀ gbólóhùn wa, torí ìtúmọ̀ a máa fa ẹ̀ka-èdè sọ́dọ̀ àjùmọ̀lò. Ẹ bi àgbàlagbà kan léèrè pé: ẹni tí kò tíì jẹun láti àárọ̀, kí ló máa sọ? Ẹ bi í bákan náà nípa ẹni tó ti oko dé, àti ẹni tí ọyẹ́ bá lójijì. Lẹ́yìn náà, "ta ni ebi ń pa?" ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì dárúkọ ìlú yín.