Ìdánwò ọ̀fẹ́ tó ń gba nọ́ńbà káàdì: ibo ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ owó pamọ́ sí?

Àkàndé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn áàpù àti ojú òpó tó ń pariwo pé "ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ 7" ni mo gbé wá. Tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà káàdì ṣe? Kí sì ni ó yẹ kéèyàn kà kó tó tẹ bọ́tìnì? Ẹni tó bá mọ bó ṣe ń lọ, kó bá wa tú u síta.

Aṣírò: Wọn ò gba káàdì yẹn nítorí ọjọ́ 7 ọ̀fẹ́. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n gbà á fún. Ní kété tí ẹ bá ti kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà á bi báńkì yín bóyá káàdì náà ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń fa àláàtì dọ́là 1 tí àwọn kan ń rí nìyẹn. Wọ́n kàn di owó yẹn mú ni, ó sábà máa ń padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á wá tọ́jú káàdì náà sọ́dọ̀, àṣẹ tí ẹ fún wọn lọ́jọ́ náà ni wọ́n á sì máa fi yọ owó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbọ́kàn lé e pé báńkì á kọ́kọ́ fi kóòdù ránṣẹ́ kí owó tó lọ. Fún owó àtìgbàdégbà, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà ń béèrè kóòdù. Àwọn tó kù ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ti ohun tó yẹ ká kà, ẹ jẹ́ ká wo irú gbólóhùn tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ bọ́tìnì, ní lẹ́tà wínníwínní aláwọ̀ eérú. Tí a bá sọ ọ́ lédè wa, báyìí ló máa rí: "Ọjọ́ 7 lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà dọ́là 6.50 lóṣù, tí a ó máa gbà lọ́dọọdún. Yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe àfi tí o bá fagi lé e, ó kéré tán wákàtí 24 kí ìdánwò tó parí."

Ojú ẹni tó ń kánjú á lọ síbi 6.50. Ṣùgbọ́n "lọ́dọọdún" ló ni gbólóhùn yẹn. Ẹ fi 12 sọ 6.50 di púpọ̀: dọ́là 78 ló máa kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe 6.50. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo wákàtí 24. Ká ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́jọ, lẹ bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò parí ní agogo mẹ́jọ alẹ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti fagi lé e kó tó di agogo mẹ́jọ alẹ́ Àìkú. Ọjọ́ 6 lẹ ní, kì í ṣe 7. Ẹni tó dúró di àárọ̀ Ajé pé òun ṣì ní àkókò, owó rẹ̀ ti lè lọ. Bó bá jẹ́ pé aago ìlú mìíràn ni ilé-iṣẹ́ náà ń lò, wákàtí mélòó kan tún lè dín níbẹ̀. Èmi á ní kí ẹ fi ìránnilétí sí fóònù fún ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá.

Kọ́lápọ̀: Ẹ̀yin náà ń fẹ ọ̀rọ̀ yìí lójú jù. Ẹ yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, ó parí. Tí wọn ò bá gbọ́, ẹ ní kí báńkì pa káàdì yẹn, kí wọ́n fún yín ní tuntun. Ibo ni wọ́n á ti rí owó yọ?

Mọ́remí: Bọ̀dá Kọ́lápọ̀, ẹ má bínú, yíyọ áàpù kúrò kò kan àdéhùn owó rárá. Áàpù lè ti kúrò lórí fóònù láti oṣù tó kọjá kí owó ṣì máa lọ. Ẹni tó ń lo iPhone, kó lọ sí "Settings", kó tẹ orúkọ ara rẹ̀ lókè, kó wá tẹ "Subscriptions". Lórí Android, Play Store ni kẹ́ ẹ ṣí. Ẹ tẹ àwòrán yín lápá òkè, ẹ lọ sí "Payments & subscriptions", kẹ́ ẹ tó wọ "Subscriptions". Gbogbo èyí tó ń lọ lọ́wọ́ á hàn níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí owó tó kàn máa kúrò.

Ibi tí wàhálà wà ni pé tó bá jẹ́ orí ojú òpó ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lẹ ti kọ káàdì sílẹ̀, ẹ ò ní rí i lórí àwọn àkójọ yẹn. Ẹ á wo àkójọ náà, ẹ á rí i pé ó ṣófo, ọkàn yín á balẹ̀, owó á sì máa lọ. Inú àkáǹtì yín lórí ojú òpó wọn lẹ gbọ́dọ̀ ti fagi lé e. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wo rìsíìtì tó wá sínú ímeèlì. Ẹni tó bá fi í ránṣẹ́, Apple, Google tàbí ilé-iṣẹ́ náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ ti máa pa á.

Aṣírò: Ti káàdì tuntun yẹn náà, ìdajì òótọ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n Visa ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Visa Account Updater, Mastercard náà sì ní tiwọn, Automatic Billing Updater. Tí báńkì yín bá wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà káàdì tuntun á dé ọwọ́ oníṣòwò tó ti tọ́jú ti àtijọ́, láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. Nítorí kí iná má kú, kí eré má dá dúró lójú àwọn tó fẹ́ máa san ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ san mọ́ náà wà nínú rẹ̀. Ẹ fagi lé àdéhùn ná, kẹ́ ẹ tó ronú kan káàdì.

Ìyá Ṣadé: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dákun. Olè ti jí nọ́ńbà káàdì mi ni tèmi. Ìpara ojú kan ni wọ́n ní kí n tọ́ wò, pé owó tí wọ́n fi máa gbé e wá nìkan ni màá san, dọ́là 4.95. Mo san án, ìpara dé. Àfi bí mo ṣe rí àláàtì dọ́là 89 láti ọ̀dọ̀ ẹni tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Báwo ni wọ́n ṣe ń mú irú olè bẹ́ẹ̀?

Aṣírò: Ẹ kú ìnáwó, Ìyá Ṣadé. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ olè láti ìta. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí ẹ san 4.95, kẹ́ ẹ ka ọjọ́ títí dé ọjọ́ àláàtì 89. Tó bá jẹ́ bí ọjọ́ 14 tàbí 15, ẹni tó ta ìpara náà ni. Orúkọ tó ń hàn lórí sítétímẹ́ǹtì lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó, kó má jọ orúkọ ìpara rárá.

Bó ṣe ń rí nìyí. Wọ́n á kọ "ọjọ́ 14 láti tọ́ ọ wò", ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá wọ́n á kọ ọ́ pé ọjọ́ tí ẹ pàṣẹ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹrù dé. Tí ẹ bá pàṣẹ lọ́jọ́ kìíní oṣù, tí ẹrù dé lọ́jọ́ keje, ìdajì ti lọ. Tí wọ́n bá tún ní kí ìpara padà dé ọwọ́ wọn kí ọjọ́ 14 tó pé, tí ìrìn náà sì gba ọjọ́ 6, ọjọ́ kejì tó dé lẹ gbọ́dọ̀ ti dá a padà. Èwo ni títọ́wò níbẹ̀? Dọ́là 89 yẹn ni owó ìgò tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́. Òmíràn á tún wá ní ọgbọ̀n ọjọ́ sí i, pẹ̀lú 89 mìíràn. Ẹ wò ó bóyá àpótí kékeré kan wà lójú ìwé ìsanwó tí wọ́n ti bá yín fi àmì sí. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà ń fi ọjà kejì há.

Àkàndé: Ṣé kò sí òfin tó de irú nǹkan báyìí ni?

Aṣírò: Ó yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì fúnra wọn ní ìlànà. Láti ọdún 2020 ni Visa ti ní kí ẹni tó bá ń fi ìdánwò ṣíwájú owó àtìgbàdégbà fi àdéhùn náà ránṣẹ́ sí oníbàárà, kó rán an létí kí owó gidi tó bẹ̀rẹ̀, kó sì fún un lọ́nà láti fagi lé e lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Tí wọn ò bá ṣe é, ẹ̀rí yín nìyẹn níwájú báńkì.

Mọ́remí: Ohun tí mò ń ṣe lójú ìwé àdéhùn ni pé n kì í kà á láti òkè dé ilẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ráyè. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl+F. Lórí fóònù, ẹ wá "Find in page" nínú àkójọ bíráúsà. Ẹ tẹ "renew" kẹ́ ẹ rí bó ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe àti iye rẹ̀. Ẹ tẹ "cancel", ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà fóònù nìkan, tí wọn ò sì gbé e ju wákàtí mélòó kan lójúmọ́ lọ, èmi á kọjá mi. Lẹ́yìn náà "refund", kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá owó tó ti lọ ṣeé gbà padà.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún kan tí à ń san lóṣooṣù. Ó jọ ti oṣooṣù lójú, ṣùgbọ́n oṣù 12 lẹ fọwọ́ sí. Ká ní dọ́là 20 ni lóṣù, tí ẹ sì fẹ́ kúrò lẹ́yìn oṣù 4. Ó ku oṣù 8, ìyẹn 160. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ìdajì èyí tó kù ni owó ìjáde, dọ́là 80 lẹ máa san láti lè lọ. Abẹ́ "cancel" náà lẹ máa bá a.

Kọ́lápọ̀: Ó dáa, mo gbà. Ṣé kí èèyàn wá fagi lé e ní ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kó sì máa gbádùn ọjọ́ 7 rẹ̀ lọ?

Mọ́remí: Ọ̀pọ̀ nínú wọn á jẹ́ kẹ́ ẹ lò ó títí ọjọ́ á fi pé. Àwọn kan á tìlẹ̀kùn mọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ ka ohun tó wà lójú ìwé ìfagilé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ó máa ń sọ ọ́.

Àkàndé: Káàdì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a fi òdiwọ̀n dọ́là 1 sí ńkọ́?

Aṣírò: Ó dáa, àwọn kan kì í gbà á ṣá. Tí owó ò bá lọ, wọ́n á tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé owó tí kò lọ kò fagi lé àdéhùn. Lójú ìwé wọn, ẹ lè jẹ́ onígbèsè.

Kọ́lápọ̀: Gbèsè wo? Ohun tí n kò lò? Ìyẹn ò yé mi o, kí wọ́n wá gbà á.

Ìyá Ṣadé: Mo ti wo ọjọ́ náà, 15 ni lóòótọ́. Mo sì rí ímeèlì wọn nínú àpò ìpolówó, àdéhùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé báńkì ni kí n kọ́kọ́ pè ni, àbí àwọn?

Aṣírò: Àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ma. Lónìí. Ẹ ní kí wọ́n fagi lé e, kí wọ́n sì fún yín ní nọ́ńbà ìfagilé. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù nígbà tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́, kí ọjọ́ hàn. Lẹ́yìn náà ẹ pe báńkì fún 89 náà, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dí gbogbo owó tí ẹni yẹn bá tún béèrè lọ́jọ́ iwájú. Tí ẹ bá béèrè fún 89 nìkan, ti ọgbọ̀n ọjọ́ á tún wọlé. Ẹ má sọ pé olè jí káàdì yín o. Ẹ sọ pé ẹ ò fọwọ́ sí owó àtìgbàdégbà. Ìfisùn ọ̀tọ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n bá sì rí 4.95 tí ẹ fúnra yín san, ti olè yẹn á fọ́.